Àkọlé síláìdì tó ń sọ ibi tọ́rọ̀ já sí: bí a ṣe ń kọ ọ́

Ẹ mú ìgbékalẹ̀ kan tí wọ́n lò ní ìpàdé ibi iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ ka àkọlé àwọn síláìdì rẹ̀ nìkan. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí "Ìfáárà", "Bí ọjà ṣe tà", "Ìṣòro tó wà nílẹ̀", "Àbá wa". Ẹni tí kò sí ní ìpàdé náà kò lè tibẹ̀ mọ̀ bóyá ọjà tà tàbí kò tà. Irú àkọlé bẹ́ẹ̀ dárúkọ ohun tó wà lórí síláìdì, kò sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Nítorí náà, bí síláìdì bá ti hàn, kálukú á máa wá ìtumọ̀ tirẹ̀ kiri nínú gíráàfù. Ọ̀gá kan á tẹjú mọ́ òpó tó ga jù, ẹlòmíì á máa ka nọ́ńbà ìsàlẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á sì máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ láìsí ẹni tó ń gbọ́ ọ.

PowerPoint náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Bí ẹ bá ṣí síláìdì tuntun, `Click to add title` ló wà nínú àpótí òkè, ìwọ̀n lẹ́tà àpótí náà sì jẹ́ 44 nínú àwòṣe tó máa ń bá a wá. Lẹ́tà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò fàyè sílẹ̀ fún gbólóhùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin á ti kún un, ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin náà làwọn èèyàn sì ń kọ. Michael Alley, olùkọ́ ní yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà, ti pẹ́ lẹ́nu kíkọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti onímọ̀ ẹ̀rọ pé odidi gbólóhùn ni kí wọ́n fi ṣe àkọlé, kó má ju ìlà méjì lọ, kó jẹ́ pé ẹ̀rí tó ṣeé fojú rí ló máa wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó le níbẹ̀ kì í ṣe òfin yẹn. Bí èèyàn ṣe máa ti inú nọ́ńbà dé orí gbólóhùn tó ṣeé gbà gbọ́ ló le, òun la sì máa fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé iṣẹ́ kan wà tó ń kó ẹrù lọ bá àwọn oníbàárà. Ilé ìkẹ́rùsí méjì ni wọ́n ní, iye ẹrù tó ń gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá sì dọ́gba. Àròyé ti pọ̀ jù, wọ́n wá ní kí òṣìṣẹ́ kan ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ọ̀gá. Ìdá ẹrù tó pẹ́ kó tó dé ọwọ́ oníbàárà nìyí, nínú ọgọ́rùn-ún, fún oṣù mẹ́fà:

| Oṣù | 1 | 2 | 3 | 4 | 5 | 6 |
|---|---|---|---|---|---|---|
| Ilé àkọ́kọ́ | 6 | 5 | 6 | 6 | 7 | 6 |
| Ilé kejì | 6 | 7 | 6 | 12 | 21 | 30 |
| Àpapọ̀ | 6 | 6 | 6 | 9 | 14 | 18 |

Òṣìṣẹ́ náà fi ìlà àpapọ̀ ya gíráàfù, ó sì kọ ọ́ sókè pé "Ìfijíṣẹ́ ẹrù láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà". Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ sọ ọ́ lẹ́nu kẹ́ ẹ tó kọ ọ́

Ẹ gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹ ronú pé ọ̀gá yín fẹ́ wọ ọkọ̀, ó wá bi yín pé, "Kí lẹ rí nínú nọ́ńbà yẹn?" Ohun tẹ́ ẹ máa dá a lóhùn kó tó ti ilẹ̀kùn ni àkọlé yín. Kò sẹ́ni tó máa dáhùn pé, "Ìfijíṣẹ́ ẹrù láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà ni, sà." Ẹ máa sọ pé, "Ẹrù tó ń pẹ́ ti ń pọ̀ sí i, sà." Ó ti di gbólóhùn: ó ní olùwà, ó ní ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹnì kan sì lè jiyàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi ń mọ̀ nìyẹn. Bí kò bá ṣeé ṣe fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé "irọ́ ni" sí àkọlé yín, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan.

Àwọn àkọlé kan wà tó jọ gbólóhùn, àmọ́ tí kì í ṣe gbólóhùn. "Ìpọ̀sí ẹrù tó ń pẹ́" dà bíi pé ó sọ ibi tọ́rọ̀ já sí, àmọ́ orúkọ ni, kò ní ọ̀rọ̀ ìṣe. Kò sọ ìgbà tó pọ̀ sí i, kò sì sọ ìwọ̀n tó fi pọ̀. "Àgbéyẹ̀wò ìdí tí ẹrù fi ń pẹ́" tún burú jù ú lọ, torí ó ṣèlérí ìdáhùn, ó sì fi ìdáhùn náà pamọ́. Bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àkọlé yín bá jẹ́ "ìpọ̀sí", "ìdínkù", "àgbéyẹ̀wò" tàbí "ìfiwéra", ẹ tún un wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tẹ gbólóhùn náà síwájú títí kò fi ní lè lọ mọ́

"Ẹrù tó ń pẹ́ ti ń pọ̀ sí i" jẹ́ òótọ́, àmọ́ ọ̀gá tó gbọ́ ọ kò lè fi ṣe nǹkan kan. Ẹ bi gbólóhùn náà léèrè pé: láti ìgbà wo? Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Níbo? Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ń sọ gbólóhùn gbọ̀ọ̀rọ̀ di èyí tó múná.

Ìgbà ló máa ń yá jù láti dáhùn. Nọ́ńbà kò yí padà láti oṣù kìíní dé oṣù kẹta. Oṣù kẹrin ló bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nítorí náà, "láàárín oṣù mẹ́fà" tí òṣìṣẹ́ náà fẹ́ kọ kò tọ̀nà, torí ó fẹ ìṣòro oṣù mẹ́ta lé orí oṣù mẹ́fà. Tá a bá wá fi ìwọ̀n kún un, ó di: "Láti oṣù kẹrin ni ẹrù tó ń pẹ́ ti ń pọ̀ sí i: ó kúrò ní 6%, ó dé 18%."

Ó dáa, àmọ́ "níbo" ṣì kù, ibẹ̀ ni ẹran inú ọ̀rọ̀ yìí wà. Ilé àkọ́kọ́ kò kúrò níbi tó wà, 5 sí 7 ló ń ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó gòkè, ilé kejì ló ti wá. Bí a bá gbé 18% síwájú àwọn ọ̀gá, tá a sì dákẹ́, wọ́n lè pàṣẹ pé kí ilé méjèèjì yí ọ̀nà iṣẹ́ wọn padà, kí wọ́n sì ba èyí tó ń ṣe dáadáa jẹ́. Àkọlé tó kàn wá di:

"Ilé ìkẹ́rùsí kejì nìkan ni ẹrù ti ń pẹ́ sí i: 6% lóṣù kẹta, 30% lóṣù kẹfà."

Ẹ ṣọ́ra fún ìṣirò níbí. Láti 6% dé 30% jẹ́ ìlọ́po márùn-ún. Ẹni tó bá yọ 6 kúrò lára 30, tó wá kọ ọ́ sókè pé "ẹrù tó ń pẹ́ fi 24% pọ̀ sí i", ti sọ nǹkan mìíràn: àfikún 24% lórí 6% kò ju nǹkan bíi 7.4% lọ. Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú, èmi a máa kọ ibi tí nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé, màá sì jẹ́ kí òǹkàwé fúnra ẹ̀ rí àlàfo tó wà láàárín wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tún gíráàfù ṣe kó bá àkọlé mu

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á tún àkọlé kọ, wọ́n á sì fi gíráàfù àtijọ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àkọlé wa ti ń sọ̀rọ̀ ilé kejì báyìí, ìlà àpapọ̀ ni gíráàfù ṣì ń fi hàn. Òǹwòran á ka "30%" lókè, á wá a nísàlẹ̀, 18 ló máa rí. Látìgbà yẹn lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo nọ́ńbà yòókù.

Ẹ ya ìlà méjì, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àwọ̀ tó hàn kedere kun ti ilé kejì, kẹ́ ẹ fi àwọ̀ eérú kun ti ilé àkọ́kọ́. Ẹ kọ "6%" sí etí oṣù kẹta àti "30%" sí òpin ìlà náà, kẹ́ ẹ sì pa àwọn nọ́ńbà tó kù lórí ìlà rẹ́. Ìlà àpapọ̀ kò níṣẹ́ kankan lórí síláìdì yìí mọ́, ẹ yọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà rẹ̀ gan-an, kí ojú má bàa máa lọ bọ̀ láàárín ìlà àti àpótí àlàyé tó wà ní igun.

Ọ̀nà méjì ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ náà sì tó fún un. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi ìwé bo àkọlé, kẹ́ ẹ ní kó sọ ohun tó rí nínú gíráàfù. Bí ohun tó sọ kò bá jọ àkọlé yín, ọ̀kan nínú méjèèjì ló gbọ́dọ̀ yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àkọlé, kẹ́ ẹ ní kó fi ìka tọ́ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà. Bí ìka bá ń rìn kiri, ohun tó wà lórí síláìdì ti pọ̀ jù. Àkọlé tó ní "àti" láàárín sábà máa ń fa èyí, torí ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ẹ̀, síláìdì méjì ló sì yẹ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ má jẹ́ kí àkọlé ju ẹ̀rí lọ

Bí ọwọ́ èèyàn bá ti mọ́ àkọlé tó ń sọ̀rọ̀ ṣàkó, ewu mìíràn á tún yọjú: àkọlé á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò sí nísàlẹ̀. Òṣìṣẹ́ wa mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni ilé kejì dá iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ dúró. Ó fẹ́ kọ ọ́ pé: "Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí ilé kejì dá dúró ló jẹ́ kí ẹrù máa pẹ́." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gíráàfù tó ní ìlà méjì kò fi ìdí nǹkan kan hàn, ìgbà ló fi hàn. Ohun tí ẹ̀rí yẹn lè gbé ni: "Oṣù tí ilé kejì dá iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ dúró ni ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ sí i." Ọ̀gá tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ á béèrè lójú ẹsẹ̀ pé, "Ṣé ẹ rò pé òun ló fà á?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni síláìdì tó kàn máa dáhùn.

Òṣìṣẹ́ náà wá lọ wo wákàtí tí àwọn oníbàárà ń béèrè fún ẹrù ní ilé kejì lóṣù kẹfà. Ó rí i pé 80% ẹrù tó pẹ́ ló jẹ́ èyí tí wọ́n béèrè fún lẹ́yìn agogo 2 ọ̀sán. Inú ẹ̀ dùn, ó fẹ́ fi nọ́ńbà yẹn ṣe àkọlé. Kó sinmi díẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ pé 80% gbogbo ẹrù ni wọ́n ń béèrè fún lẹ́yìn agogo 2, a jẹ́ pé ọ̀sán kò yàtọ̀ sí àárọ̀, nọ́ńbà náà kò sì sọ ohunkóhun. Ó dìgbà tá a bá mọ ìdá tí ẹrù ọ̀sán jẹ́ nínú gbogbo ẹrù ká tó lè sọ̀rọ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, 35% péré ni.

Ìṣirò ìyókù kò le. Ẹ mú ẹrù 100 ní ilé kejì: 30 ló pẹ́, 80% wọn sì jẹ́ 24. Nínú 35 tó wọlé lẹ́yìn agogo 2, 24 ló pẹ́, ìyẹn nǹkan bíi 7 nínú 10. Nínú 65 tó wọlé ṣáájú, 6 ló pẹ́, kò tó 1 nínú 10. Àkọlé tó dára jù ti yọjú fúnra ẹ̀ báyìí:

"Ní ilé kejì, 7 nínú ẹrù 10 tó wọlé lẹ́yìn agogo 2 ló ń pẹ́; ti àárọ̀ kò tó 1 nínú 10."

Kò sí "ló fà á" nínú ẹ̀, síbẹ̀ ó sún wa mọ́ ìdí náà ju gbólóhùn àkọ́kọ́ lọ. Mo fẹ́ràn àkọlé tó bá ẹ̀rí rìn dọ́gba báyìí ju èyí tó ń pariwo lọ, torí pé bí wọ́n bá já ọ̀kan nínú àwọn àkọlé yín, àwọn tó kù náà á ṣòroó gbà gbọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ jẹ́ kó gba ìlà méjì

Ẹ dín lẹ́tà àkọlé kù sí 28, kẹ́ ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Inú `Slide Master` ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kó lè kan gbogbo síláìdì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún lọ sínú `Format Shape`, kẹ́ ẹ mú `Do not Autofit` fún àpótí àkọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, PowerPoint á máa sọ lẹ́tà di kékeré bí gbólóhùn bá ṣe ń gùn, àkọlé síláìdì kan á tóbi, ti èkejì á kéré, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín ti gùn jù.

Bó bá ti wọ ìlà kẹta, ẹ gé e. Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ ni "A rí i pé", "Ó hàn gbangba pé" àti "Gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà wa ṣe fi hàn". Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí gíráàfù ti ń sọ fúnra ẹ̀, bí ọdún tàbí orúkọ ilé iṣẹ́. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ gé kẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ka àwọn àkọlé láti òkè dé ìsàlẹ̀

Ẹ tẹ `View`, kẹ́ ẹ wá tẹ `Outline View`. Gbogbo àkọlé á tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ti òṣìṣẹ́ wa ti rí báyìí:

1. Láti oṣù kẹrin ni ẹrù tó ń pẹ́ ti ń pọ̀ sí i: ó kúrò ní 6%, ó dé 18%.
2. Ilé ìkẹ́rùsí kejì nìkan ni ẹrù ti ń pẹ́ sí i: 6% lóṣù kẹta, 30% lóṣù kẹfà.
3. Oṣù tí ilé kejì dá iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ dúró ni ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ sí i.
4. Ní ilé kejì, 7 nínú ẹrù 10 tó wọlé lẹ́yìn agogo 2 ló ń pẹ́. Ti àárọ̀ kò tó 1 nínú 10.
5. Ká dá iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ padà sí ilé kejì láti oṣù kẹjọ.

Ẹ kà á sókè bí ẹni ń sọ ìtàn. Láàárín ìkíní àti ìkejì, ó ń lọ. Láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún, nǹkan kan já. Ta ló sọ pé iye tí wọ́n máa ná lórí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kò ju ohun tí wọ́n ń pàdánù lọ? Kò sí síláìdì kankan tó sọ̀rọ̀ owó. Bó bá jẹ́ pé àkọlé ibẹ̀ ṣì jẹ́ "Àbá wa", ihò yìí kò ní hàn rárá títí dìgbà tí ọ̀gá bá fi ìbéèrè gún un nínú ìpàdé. Òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ padà lọ wá nọ́ńbà owó, kó fi ṣe síláìdì kan sáàárín, tàbí kó dín àbá ẹ̀ kù sí "Ká dán iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ wò fún oṣù kan ní ilé kejì". Bí kò bá sí àyè láti wá nọ́ńbà owó kó tó di ọjọ́ ìpàdé, ti ìkẹyìn yìí ni èmi á mú.

Bí síláìdì méjì bá wá ń sọ ohun kan náà, ẹ máa rí ìyẹn náà níbẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan láìwẹ̀yìn.

Ibi tí ọ̀nà yìí kò bá a mu

Síláìdì àkọ́kọ́ tó ní orúkọ ìgbékalẹ̀ lè jẹ́ orúkọ lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tábìlì tẹ́ ẹ kó sẹ́yìn fún ẹni tó bá fẹ́ wo kúlẹ̀kúlẹ̀: "Ẹrù tó pẹ́ ní ilé kọ̀ọ̀kan, lóṣooṣù" ló máa jẹ́ kó tètè rí ohun tó ń wá. Nínú kíláàsì, olùkọ́ tó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ronú kó tó gbọ́ ìdáhùn lè fi ìbéèrè ṣe àkọlé, kó wá fi ìdáhùn sórí síláìdì tó tẹ̀ lé e.

Èyí tó nílò ọgbọ́n ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá máa kan ẹnì kan nínú yàrá. Ọ̀gá ilé kejì á jókòó síbẹ̀ nígbà tí síláìdì kejì bá hàn. Ẹ má tìtorí rẹ̀ padà sí "Ìfijíṣẹ́ ẹrù". Ẹ fi síláìdì náà hàn án kó tó di ọjọ́ ìpàdé, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀, torí ó lè mọ ohun tí nọ́ńbà kò sọ. Ẹ sì rí i pé ilé tàbí iṣẹ́ ni olùwà gbólóhùn yín, kì í ṣe ènìyàn. "Ilé kejì nìkan ni ẹrù ti ń pẹ́ sí i" ṣeé jókòó gbọ́. "Ọ̀gá ilé kejì kò lè kápá ẹrù" kò ṣeé gbọ́, nọ́ńbà wa kò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìròyìn oṣooṣù lẹ fẹ́ fi ṣe, ewu kan ṣì wà. Àkọlé tó jẹ́ orúkọ lásán kì í di irọ́, "Ìfijíṣẹ́ ẹrù" á jẹ́ òótọ́ títí lọ. Àkọlé tó sọ ibi tọ́rọ̀ já sí máa ń di irọ́ bí nọ́ńbà bá yí padà, pàápàá tí gíráàfù bá so mọ́ fáìlì tó ń fúnra ẹ̀ gba nọ́ńbà tuntun. Bí nọ́ńbà oṣù keje bá wọlé, tí ilé kejì sì ti bọ́ sí 11%, àkọlé tó ń sọ "30% lóṣù kẹfà" á ṣì wà lókè, ìlà á sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ pa àkọlé rẹ́ pátápátá nínú ẹ̀dà tẹ́ ẹ fẹ́ lò fún oṣù tuntun kẹ́ ẹ tó fi nọ́ńbà kan sí i, kẹ́ ẹ sì kọ òmíràn láti inú ohun tí gíráàfù tuntun bá fi hàn.